Ìkéde inú fọ́tò: ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde ká tó túmọ̀ rẹ̀

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gba ibì kan sí Kútọnu tí mo ń kó aṣọ sí kí n tó máa gbé e bọ̀ ní Àgbádárìgì. Wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ilẹ̀kùn ibẹ̀, Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo ya fọ́tò rẹ̀, ó mọ́lẹ̀ dáadáa, mo fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ wá ní kí n kọ́kọ́ wá ẹni tó máa tẹ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jáde ní Faransé kí ẹ tó túmọ̀ rẹ̀. Ọmọ àdúgbò kan ti sọ fún mi pé wọ́n ní ká máa gbàdúrà. Ẹlòmíràn ní owó ìtanràn ẹgbẹ̀rún méje lójúmọ́ ni. Ṣé fọ́tò kò tó ni? Kí ni títẹ̀ náà wà fún?"

Màmá, ẹ má bínú pé mo dá iṣẹ́ náà padà sí yín lọ́wọ́. Mo ti jókòó tẹ̀ ẹ́ fúnra mi báyìí, kí ẹ lè rí ohun tí mò ń wí. Kò sí àdúrà kankan nínú ìwé yẹn, owó ìtanràn ibẹ̀ kì í sì í ṣe ẹgbẹ̀rún méje. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì tó kà á fún yín kì í ṣe òpùrọ́, ó sì dá mi lójú pé wọ́n gbọ́ Faransé díẹ̀. Ohun tó kó bá wọn ni pé wọ́n ń kà á, wọ́n sì ń túmọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ojú wà lára fọ́tò, ẹnu ti ń sọ Yorùbá. Bí ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ bá ṣì í, kò sẹ́ni tó máa mọ ibi tó ti ṣì í. Ṣé lẹ́tà ni kò rí dáadáa ni, àbí ó rí i ṣùgbọ́n kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀? Èmi tí mo wà ní Àjàṣẹ́ kò lè tọ́ ọ sọ́nà, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Àgbádárìgì kò lè bi í léèrè. Ìtumọ̀ nìkan ló kù lọ́wọ́ gbogbo wa, ohun tí wọ́n túmọ̀ ti sọnù.

Ẹ jẹ́ kí n fi èdè tiwa ṣàlàyé rẹ̀ ná, torí pé ibẹ̀ ni èmi gan-an ti kọ́gbọ́n. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹnì kan tó fẹ́ ra nǹkan lọ́nà Ṣàgámù fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi. Agbẹjọ́rò rẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá, Faransé ló ń kà. Ara ògiri ni wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sí, ó ní ILE YI KI I SE TITA. Ẹ̀yin náà ti rí irú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Lẹ́yìn ògiri náà, ẹ óò rí òrùlé ilé kan nínú fọ́tò, páànù aláwọ̀ ewé. Mo wò ó, mo kọ ọ́ ní Faransé pé ilé yìí kì í ṣe títà, mo fi ránṣẹ́, mo gba owó mi. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí. Ilẹ̀ ni, kì í ṣe ilé. Ẹni tó ni ilé yẹn ń tà á lóòótọ́, kò fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ gbayawu tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ògiri yẹn yí ká, ni àwọn ẹbí ń jà lé lórí.

Nígbà tí mo padà fẹ fọ́tò náà wò, kò sí àmì kankan lábẹ́ E, kò sì sí lórí rẹ̀. ILE lásán ni. Ẹni tó kọ ọ́ kò fi àmì sí i, bí ọ̀pọ̀ akọ̀wé ara ògiri kì í ti í fi sí i. Òrùlé tí mo rí nínú fọ́tò ló sọ fún mi pé ilé ni, kì í ṣe lẹ́tà. Ká ní mo kọ́kọ́ tẹ I, L, E sílẹ̀ lórí ìwé funfun ni, mi ò ní lè tẹ̀ síwájú láì bi ara mi pé èwo nínú ilé àti ilẹ̀. Màá kọ̀wé béèrè. Fọ́tò ò jẹ́ kí n béèrè, torí pé ó ti dáhùn kí ìbéèrè tó wá sí mi lọ́kàn.

Èyí ló burú jù nínú kíka nǹkan láti inú àwòrán, àwọn èèyàn kì í sì í kíyè sí i. Wọ́n rò pé àwòrán ń ran òǹkàwé lọ́wọ́. Òótọ́ ni, ó ń ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń tètè dé jù. Bí ẹ bá rí ẹnu ọ̀nà ọsibítù lẹ́yìn pátákó, gbogbo ọ̀rọ̀ tí ojú yín kò bá rí parí máa di ọ̀rọ̀ àìsàn lójú yín. Títẹ̀ ló ń ya méjèèjì nípa: ohun tó wà lára ògiri lápá kan, ohun tí mo rò pé ó jẹ́ lápá kejì. Lẹ́yìn tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ tán ni mo máa ń padà sídìí fọ́tò láti wo òrùlé, ẹnu ọ̀nà àti àwọn èèyàn tó dúró síbẹ̀, kí n lè mọ èwo ló bá ibẹ̀ mu.

Ó yá, ìwé tiyín rèé. Bí mo ṣe rí i gan-an ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́, ìlà sí ìlà, láì tún ohunkóhun ṣe. Ìyókù nọ́ńbà fóònù náà ni mo yọ kúrò, torí pé nọ́ńbà ẹni ẹlẹ́ni ni.

```
AVIS
TEL 01 97 ...
LES LOCATAIRE SONT PRIES DE
REGLER LEUR LOYER AVANT LE 10
DU MOIS. PASSE CE DELAI PENA
LITE 1.000 F PAR JOUR LE MAGA
SIN SERA FERMER
SAU[...]
```

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí àdúrà ti jáde. PRIES ni, ní ìlà kẹta. Ọ̀rọ̀ ìṣe tó bí i ni *prier*, òótọ́ sì ni pé ó túmọ̀ sí kéèyàn gbàdúrà. Ọmọ yẹn ò purọ́. Ṣùgbọ́n *prier* kan náà ni àwọn Faransé fi ń rọ èèyàn pé kó ṣe nǹkan: *les clients sont priés de*, ìyẹn ni pé à ń rọ àwọn oníbàárà pé kí wọ́n. Ohun tó ń fi èkejì hàn ni SONT tó ṣáájú rẹ̀ àti DE tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá tẹ ìlà náà pé kò ní lè fò wọ́n, torí pé ìka rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ wọ́n. Ẹni tó ń fojú wá ọ̀rọ̀ tó mọ̀ nínú fọ́tò ni PRIES máa pè mọ́ra, nítorí pé ó ti gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ tún wò ó pé DE ló kẹ́yìn ìlà náà, ohun tí wọ́n ní kí ẹ ṣe wà ní ìlà tó tẹ̀ lé e: REGLER LEUR LOYER, kí ẹ san owó ilé yín. Ẹni tó bá dúró ní òpin ìlà bí ẹni pé gbólóhùn ti parí ni àdúrà máa kù sí lọ́wọ́.

Owó ló kàn, èyí sì tọ́ ká jókòó tì í díẹ̀. Nínú fọ́tò yín, nọ́ńbà tó ṣáájú nínú 1.000 dà bí 7 lójú ẹni tó kàwé ní Nàìjíríà. Mi ò dá ẹni tó pè é ní méje lẹ́bi. Bí àwọn tó lọ sílé ìwé Faransé ṣe ń kọ 1 ni pé wọ́n á kọ́kọ́ fa ìlà kan láti ìsàlẹ̀ lápá òsì gòkè, kí wọ́n tó fà á wálẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ yẹn lè gùn débi pé ó máa dà bí orí 7 tiwa. Kí tiwọn má bàa dàrú, wọ́n máa ń fa ìlà kékeré kan gba àárín 7 wọn kọjá. Nítorí náà, bí nọ́ńbà kan bá dà bí 7 tí kò sì ní ìlà láàárín, ẹ fura sí i.

Ìfura nìkan kò tó o, ẹ̀rí la nílò. Ẹ̀rí méjì ló wà nínú ìwé yín fúnra rẹ̀. Èkíní ni ọjọ́ tí wọ́n dá ní ìlà kẹrin. Bó ṣe kọ nọ́ńbà tó ṣáájú níbẹ̀ kò yàtọ̀ rárá sí bó ṣe kọ ti owó. Bí ó bá jẹ́ 7, ọjọ́ àádọ́rin nínú oṣù ni wọ́n fún yín, kò sì sí oṣù tó ní àádọ́rin ọjọ́. Ẹ̀kejì wà nínú nọ́ńbà fóònù. Láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, gbogbo nọ́ńbà fóònù ní Bẹ̀nẹ̀ ti di onínọ́ńbà mẹ́wàá, 01 sì ni wọ́n fi ṣáájú gbogbo wọn. Ìyẹn ni pé a mọ̀ dájú pé nọ́ńbà kejì lẹ́yìn TEL jẹ́ 1, kò lè jẹ́ nǹkan mìíràn, òun náà sì ní orí gígùn yẹn. Ẹyọ méjì lẹ́yìn rẹ̀, 7 tòótọ́ kan wà nínú 97, tó ní ìlà láàárín gbọnrangandan. Ọwọ́ kan náà, kálàmù kan náà, ojú ìwé kan náà. Ọ̀rọ̀ parí: ẹgbẹ̀rún kan sẹ́fà ni lójúmọ́.

Èmi ò rí ẹ̀rí yẹn nígbà tí mò ń wo fọ́tò lásán. Ìgbà tí mo ń tẹ nọ́ńbà fóònù náà ni ọwọ́ mi dá dúró, tí mo bi ara mi pé èwo ni mo fẹ́ tẹ̀. Bí mo bá ti tẹ 1 níbí, mi ò lè tẹ 7 lọ́hùn-ún fún nọ́ńbà tó rí bákan náà láì ní ìdí. (Mo tún rí ohun mìíràn níbẹ̀. Bí nọ́ńbà tó wà lára ìkéde kan ní Bẹ̀nẹ̀ bá jẹ́ mẹ́jọ péré, ó ṣeé ṣe kí ìkéde náà ti pẹ́ níbẹ̀ ṣáájú òpin ọdún 2024. Kò fi gbogbo ara jẹ́ ẹ̀rí, torí pé àwọn kan kò tíì tún tiwọn kọ, àmọ́ ó tó kéèyàn béèrè bóyá òfin tó wà níbẹ̀ ṣì múlẹ̀.)

Ẹ má sì sọ àmì tó wà láàárín 1 àti 000 nù. Bí àwa ṣe ń fi kọ́mà pín ẹgbẹ̀rún ni wọ́n ń fi àmì ìdánudúró pín tiwọn, tàbí kí wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ lásán. Kọ́mà ni wọ́n wá ń lò níbi tí àwa ti ń lo àmì ìdánudúró. Ẹni tó bá kà á bíi ti Nàìjíríà lè sọ pé sẹ́fà kan péré ni owó ìtanràn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà, 1.000. Ẹni tó ń túmọ̀ ló máa sọ ọ́ di ẹgbẹ̀rún kan.

Wàyí o, àmì orí lẹ́tà. Kò sí ọ̀kan nínú ìwé yín. Èyí kò jọ àwa Yorùbá lójú rárá, àwa tí a ń kọ OKO sára pátákó tí a sì fi sílẹ̀ fún aráyé láti mọ̀ bóyá ti ìyàwó ni tàbí ti àgbẹ̀. Àwọn Faransé náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá bí wọ́n bá fi lẹ́tà ńlá kọ nǹkan. Académie française, ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó èdè wọn láti 1635, ti sọ ọ́ pé kí wọ́n máa fi àmì sórí lẹ́tà ńlá náà, ṣùgbọ́n ẹni tó mú búrọ́ọ̀ṣì dání lójú ọjà kò sí lábẹ́ ìgbìmọ̀ kankan. FERME lè jẹ́ oko, ó sì lè jẹ́ títì. MARCHE lè jẹ́ ọjà, ó sì lè jẹ́ ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Ní ẹnu ọ̀nà ilé ńlá kan, mo ti rí ATTENTION A LA MARCHE tí ẹnì kan túmọ̀ fún ìyá rẹ̀ pé kó ṣọ́ra rẹ̀ ní ọjà. Ọ̀rọ̀ kékeré tí kò kà sí ni ì bá yọ ọ́: LA. Ọjà kì í gba *la* lédè Faransé, *le* ló ń gbà. Àtẹ̀gùn ló ń gba *la*. Wọ́n ní kí ìyá wo ilẹ̀, òun ń wo àwọn jàgùdà.

Nítorí náà, ẹ̀dà méjì ni mo máa ń ṣe. Nínú ti àkọ́kọ́, mi ò fi àmì tí kò sí níbẹ̀ sórí lẹ́tà kankan, bó ti wù kó dá mi lójú tó. Nínú ìkejì ni mo ti ń fi àmì sí i, tí mò ń so ọ̀rọ̀ tó já ní òpin ìlà pọ̀, tí mo sì ń tún àṣìṣe ẹni tó kọ ọ́ ṣe. Ẹ̀dà kejì ti ìwé yín nìyí:

```
Avis. Les locataires sont priés de régler leur loyer
avant le 10 du mois. Passé ce délai, pénalité :
1.000 F par jour. Le magasin sera fermé.
```

Ẹ rí i pé PENA àti LITE ti di ọ̀rọ̀ kan, MAGA àti SIN náà bẹ́ẹ̀. Ibi tí pépà rẹ̀ ti tán ló ti já a sí méjì, kò sì fi àmì kankan hàn pé ó já a. Bí ẹ bá wá LITE nínú ìwé atúmọ̀ èdè, ẹ ò ní rí nǹkan gidi. Ẹ sì rí PASSE tó ti di *passé*: bí àkókò yìí bá ti kọjá. Àti FERMER tó di *fermé*. Bákan náà ni méjèèjì ń dún létí, ìdí nìyẹn tí ẹni tó kọ ọ́ fi ṣì í. Ẹ óò rí àṣìṣe yìí káàkiri láti Kútọnu títí dé Lomé, kì í sì í ṣe àwọn tí kò kàwé nìkan ló ń ṣe é.

Ẹ lè wá bi mí pé ṣé mi ò kàn lè tẹ ẹ̀dà kejì yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n fi àkọ́kọ́ tó kún fún àṣìṣe sílẹ̀. Rárá. Nígbà tí mo fi àmì ìdánudúró sí iwájú *Le magasin*, mo ti ṣe ìpinnu kan fún yín. Nínú ìwé gan-an, kò sí àmì kankan láàárín JOUR àti LE. Bí ẹ bá ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó lè túmọ̀ sí pé ẹgbẹ̀rún kan lójúmọ́ ni ìyà náà, wọ́n á sì tún ti ilẹ̀kùn. Ó sì lè jẹ́ pé ìgbà tí owó ìtanràn bá ti pọ̀ jù ni wọ́n máa tì í. Bí ọ̀rọ̀ bá di ti àgọ́ ọlọ́pàá, agbẹjọ́rò yín máa fẹ́ mọ̀ pé èmi ni mo fi àmì yẹn síbẹ̀, kì í ṣe onílé. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ ló máa fi hàn án. Fọ́tò náà máa fi hàn án, ẹ máa ní. Òótọ́ ni, bí agbẹjọ́rò náà bá lè ka ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn, tí fóònù yín kò sì tíì bàjẹ́.

Tí lẹ́tà kan kò bá hàn dáadáa ńkọ́? Ẹ má ṣe fi ohun tí ẹ rò sí i kí ẹ sì dákẹ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń ka ọ̀rọ̀ Gíríìkì àti Látìn tó wà lára òkúta àti ìwé àtijọ́ ti jà lórí èyí pẹ́, kí wọ́n tó fẹnu kò ní ìlú Leiden, ní Nẹ́dálándì, lọ́dún 1931. Wọ́n ní kí a fi àkámọ́ onígun yí ohun tó ti nù ká, kí a sì fi tóótó sábẹ́ lẹ́tà tí kò dáni lójú. Títí dòní ni wọ́n ń lò ó. Tóótó abẹ́ lẹ́tà yẹn ò lè ṣiṣẹ́ fún àwa, ẹ ẹ̀ rí i. Ẹni tó bá fi í sábẹ́ O tí kò dá a lójú ti kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá mìíràn. Àkámọ́ onígun la lè yá lọ́wọ́ wọn. Àlàfo tí a kò rí rárá á di [...], lẹ́tà tí a fura sí á di [E?]. Ìyẹn ti tó fún ìkéde ara ilẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ ìlú náà tún wà. Nínú pátákó tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí mi lóṣù tó kọjá, tó ń júwe ibi tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe, wọ́n kọ 2e VON A DROITE. Ẹni tó yà á ti sọ fún mi pé NON ló wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé kí a má ṣe yà sọ́tùn-ún. Mo ní kó tẹ lẹ́tà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó tẹ̀ ẹ́, ó rí V. *Von* ni orúkọ tí àwọn ará Kútọnu ń pe ọ̀nà kékeré tó yà kúrò lára títì, ẹ lè wá a títí nínú ìwé atúmọ̀ èdè tí wọ́n ṣe ní Paris. Kí ẹ yà sí ọ̀nà kékeré kejì lápá ọ̀tún ni wọ́n ní. Ojú máa ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀ di èyí tó mọ̀. Lẹ́tà tí a tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kì í fún un láyè.

Ní ti bí ẹ ṣe máa tẹ̀ ẹ́, kò le. Bí ẹ ṣe ń di lẹ́tà E mú lórí fóònù títí ẹ̀yà rẹ̀ fi máa yọ jáde, ibẹ̀ náà ni é, è àti ê wà. Ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ kò tilẹ̀ ní láti gbọ́ Faransé. Nígbà mìíràn ẹni tí kò gbọ́ ọ rárá ló máa ń ṣe é dáadáa jù, torí pé kò ní ohun tó fẹ́ kó jẹ́. Ọmọ yín obìnrin tó wà ní JSS, ẹ gbé fọ́tò náà fún un, kó fẹ̀ ẹ́, kó tẹ lẹ́tà lẹ́tà, kó dá ìlà sí ibi tí ìwé dá ìlà sí. Kí ẹlòmíràn wá ka ohun tó tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò. Ibi tí àwọn méjèèjì kò bá ti fẹnu kò ni àkámọ́ ti máa wọlé.

Ibi tí èyí kì í ti í ṣiṣẹ́ ni èdè tí kì í fi a, b, d kọ nǹkan. Àwọn tó lọ ilé kéwú mọ̀ pé nínú lẹ́tà Lárúbáwá, tóótó kan lábẹ́, méjì lókè, mẹ́ta lókè ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ب àti ت àti ث. Eruku ara pátákó lè di tóótó, ọ̀dà tó bó lè pa òmíràn rẹ́, ẹni tí kò kà á rí kò sì ní mọ èyí tó jẹ́ eruku. Ti àwọn Ṣáínà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: 未 ń sọ pé nǹkan kò tíì ṣẹlẹ̀, 末 ń sọ pé ó ti dé òpin, gígùn ìlà méjì òkè nìkan ló yà wọ́n. Àwọn tó ń lọ ra ọjà ní Guangzhou, ẹ má fọwọ́ ara yín tẹ irú èyí. Ẹni tó ń kà á ni kó tẹ̀ ẹ́ fún yín, kẹ́ ẹ sì gba ohun tó tẹ̀ náà mọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Màmá, ìtumọ̀ ìwé yín nìyí, títí dé ibi tó dá mi lójú: Ìkéde. A rọ àwọn ayálégbé pé kí wọ́n san owó ilé wọn kí ọjọ́ kẹwàá oṣù tó pé. Bí àkókò yìí bá kọjá, owó ìtanràn ẹgbẹ̀rún kan sẹ́fà ni lójúmọ́. Wọ́n á ti ibi ìkẹ́rùsí náà. *Magasin* lè jẹ́ ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ ti sọ fún mi pé ẹrù lẹ̀ ń kó síbẹ̀.

Ó ku ìlà tó kẹ́yìn. Ìsàlẹ̀ fọ́tò yín gé e dànù, orí lẹ́tà mẹ́ta péré ló hàn, S, A, U. Lẹ́tà náà kéré ju ti òkè lọ, bí ẹni pé wọ́n rántí rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n kọ ìyókù tán. Nígbà tí ẹ fi fọ́tò náà ránṣẹ́, kò sẹ́ni tó rí i, èmi náà ò rí i, àfi ìgbà tí mo tẹ ìlà méje tí mo wá wo bóyá ó ṣì ku nǹkan. Mo rò pé SAUF ni. *Sauf* ni Faransé fi ń sọ pé "àyàfi", ẹni tàbí nǹkan tí wọ́n bá sì kọ tẹ̀ lé e ni òfin náà kò kàn. Mi ò lè sọ ohun tó jẹ́. Bí ẹ bá tún dé Kútọnu, ẹ dúró gangan níwájú ilẹ̀kùn, ẹ má tan iná fóònù, ẹ ya gbogbo ìwé náà tó fi mọ́ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ tún wá ya ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ́tọ̀ láti itòsí. Ẹ má tíì san owó ìtanràn kankan kí n tó rí ìlà yẹn.